Ọ̀rọ̀ Ìsàlẹ̀ Fún Fídíò Yorùbá: Bí Ẹni Tí Kò Gbọ́ Èdè Wa Ṣe Lè Wò Ó Kó sì Yé E

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ìkànnì fídíò ní èdè Yorùbá ló ti rí i kí òǹwòran kọ ọ́ sí wọn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi Gẹ̀ẹ́sì sí i." Ẹni tó kọ ọ́ lè jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tó ń gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ bá ń sọ ọ́, àmọ́ tí òwe àti ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ máa ń fò ó ru. Ó sì lè jẹ́ ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú èdè wa, tó kàn fẹ́ràn eré náà. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò nira, àmọ́ ó ní ètò. Ẹni tí kò bá mọ ètò náà á ṣe iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó ń dá ìdàrúdàpọ̀ sílẹ̀ jù ni pé nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbogbo wa ń pè ní sọ́bútáítù, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ tí òǹwòran ń kà. Èkíní ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àwòrán nígbà tí wọ́n ń ṣe àtúntò fídíò. Irú èyí ti di ara àwòrán náà, bí aṣọ tí òṣèré wọ̀. Òǹwòran kò lè pa á, kò lè yí i sí èdè mìíràn, bí ẹ bá sì ṣi lẹ́tà kan kọ, àfi kẹ́ ẹ tún fídíò náà gbé jáde láti ìbẹ̀rẹ̀. Èkejì ni fáìlì kékeré tó dá dúró lọ́tọ̀, tí ọ̀rọ̀ àti àkókò wà nínú rẹ̀, tí ẹ máa gbé sórí ìkànnì pẹ̀lú fídíò. Òǹwòran ló máa tan án fúnra rẹ̀, fídíò kan sì lè ní irú fáìlì bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá ní èdè mẹ́wàá. Ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀ nígbàkigbà láìfọwọ́ kan fídíò, tí iye ẹni tó ti wò ó kò sì ní yẹ̀. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ẹ̀rọ YouTube ń fúnra rẹ̀ ṣe: ó lè tẹ́tí sí ohùn kó kọ ohun tó rò pé ó gbọ́, ó sì lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ sí èdè mìíràn.

Èkejì yìí, fáìlì tó dá dúró, ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀. Òun la máa fi ọ̀pọ̀ àlàyé yìí ṣe, nítorí pé láti ara rẹ̀ ni ẹ ti lè ṣe èkíní nígbà tí ẹ bá nílò rẹ̀. Èkíní kò rọrùn láti yí padà di èkejì.

Yorùbá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé nìyí. Wọ́n á jókòó ti fídíò, wọ́n á máa gbọ́ Yorùbá, wọ́n á sì máa kọ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dà bíi pé ó yára, àmọ́ ohun méjì ni wọ́n ń ṣe pọ̀: wọ́n ń wọn àkókò, wọ́n sì ń túmọ̀. Nígbà tí ọ̀kan bá fà wọ́n, èkejì á bàjẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ kọ ohun tí wọ́n sọ gan-an ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn, kẹ́ ẹ sì wọn àkókò sí i. Tí èyí bá ti parí, ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà, kẹ́ ẹ wá máa yọ Yorùbá kúrò ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ máa fi Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò rẹ̀. Àkókò ti wà níbẹ̀, ìtumọ̀ nìkan ló kù. Tí ẹ bá tún fẹ́ Faransé lọ́la, ẹ̀dà mìíràn ni. Nínú eré ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, irú ìlà bẹ́ẹ̀ lè tó 150, nítorí náà ẹ ò ní fẹ́ wọn àkókò rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Fáìlì Yorùbá náà kò ní ṣòfò. Ẹ gbé e sórí ìkànnì pẹ̀lú. Ọmọ tó ń gbọ́ Yorùbá tí kò lè kà á nílò rẹ̀ gan-an, kí ojú rẹ̀ lè máa tẹ̀lé ohun tí etí rẹ̀ ń gbọ́. Ẹni tí etí rẹ̀ di náà á lè wo eré yín ní èdè abínibí rẹ̀. Àmì ohùn sì ṣe pàtàkì níbẹ̀, kì í ṣe fún ẹwà nìkan. Bí ẹ bá kọ "oko re da" láìsí àmì, ẹni tó ń bá yín túmọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, tí kò rí àwòrán, kò ní mọ̀ bóyá ọkọ tí obìnrin fẹ́ ni, tàbí ọkọ̀ tí wọ́n ń wà, tàbí ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko, tàbí oko fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ ìtumọ̀ kò ní mọ̀ rárá. Yóò kàn mú ọ̀kan.

Bí fáìlì náà ṣe rí

Irú fáìlì tó wọ́pọ̀ jù ni SRT. Kò sí ohun ìjìnlẹ̀ kankan nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ni, tí ẹ lè fi Notepad ṣí. Apá kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, lẹ́yìn náà àkókò tí ọ̀rọ̀ máa yọ àti àkókò tó máa pòórá, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà ìlà kan tó ṣófo.

Ẹ jẹ́ ká fi ìran kékeré kan ṣe é. Ìyá ọkọ wọlé, ó ní, "Ẹ kú ilé o! Ṣé dáadáa lẹ wà?" Ó yíjú sí ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ìyàwó mi, ọkọ ẹ dà? Ṣé kò tíì dé láti ibi iṣẹ́ ni?" Ó jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó wá ní, "Bọ́mọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bágbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn." Fáìlì Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lè rí báyìí:

```
1
00:02:14,200 --> 00:02:16,000
Hello! Is everyone well?

2
00:02:16,100 --> 00:02:19,300
My dear, where's your husband?
Is he still at work?

3
00:02:19,500 --> 00:02:23,300
A child who falls looks ahead;
an elder who falls looks back.
```

Àkókò yẹn ń ka wákàtí, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá, nọ́ńbà mẹ́ta tó kẹ́yìn sì jẹ́ ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ kíyè sí i pé kọ́mà ló ṣáájú nọ́ńbà mẹ́ta yìí. Tí ẹ bá fi fúlúsítọ́ọ̀pù síbẹ̀, ìlànà fáìlì mìíràn tó ń jẹ́ VTT lẹ ti wọ̀ yẹn, ìlà àkọ́kọ́ irú èyí sì gbọ́dọ̀ jẹ́ `WEBVTT`. Bí ẹ bá gbàgbé ìlà tó ṣófo láàárín apá méjì, nọ́ńbà àti àkókò apá kejì máa hàn lójú fídíò bí ẹni pé òṣèré ló sọ ọ́. Bí ẹ bá rí i kí nọ́ńbà gígùn ṣàdédé yọ nísàlẹ̀ àwòrán, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ wò.

Ẹ lè fi ọwọ́ tẹ gbogbo rẹ̀, àmọ́ kò sí ìdí fún un. Subtitle Edit jẹ́ ètò ọ̀fẹ́ fún kọ̀ǹpútà Windows. Ó ń fi àwòrán ohùn hàn yín, tí ẹ máa rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí, ó sì ń bá yín ka iye lẹ́tà. Aegisub náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Kẹ́ ẹ tó gbé fáìlì lọ síbikíbi, ẹ fún fídíò àti fáìlì ní orúkọ kan náà, ẹ kó wọn sínú àpò kan, kẹ́ ẹ fi VLC, ètò tí a fi ń wo fídíò, ṣí fídíò náà. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ á yọ fúnra rẹ̀, ẹ ó sì rí gbogbo àbùkù rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó rí i.

Ojú kì í sáré tó etí

Ìran kékeré yẹn ní ìṣirò nínú. Àwọn tó ń fi èyí ṣiṣẹ́ kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ju ìlà méjì lọ lójú fídíò lẹ́ẹ̀kan, ìlà kan kì í sì í ju nǹkan bíi lẹ́tà 42 lọ, tí a bá ka àlàfo àti kọ́mà mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ kan kì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá 7 lọ, kò sì yẹ kó dín sí nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni iye lẹ́tà tí ojú lè kà ní ìṣẹ́jú àáyá kan: fún àgbàlagbà, 17 jẹ́ òṣùwọ̀n tó dára. Ó lè gùn sí 20 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, òǹwòran á máa ka ìwé ni, kò ní rí ojú òṣèré mọ́.

Ẹ wo òwe yẹn. Ká ní ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ tẹ̀lé Yorùbá ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tó kọ ọ́ báyìí:

```
When a child falls down he looks forward,
but when an elder falls down he looks behind.
```

Lẹ́tà 86 nìyẹn, ìlà kejì rẹ̀ sì ti kọjá 42. Ìyá náà sọ òwe yìí láàárín ìṣẹ́jú àáyá 3. Ẹ pín 86 sí ọ̀nà 3, ẹ ó rí i pé ó lé ní 28 fún ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó máa kà á tán. Èyí tó wà nínú fáìlì wa jẹ́ lẹ́tà 60, ọgbọọgba ní ìlà méjèèjì. Síbẹ̀, 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 3 ṣì jẹ́ 20. A wá wo ohun tó tẹ̀ lé òwe náà, a rí i pé ìyá dákẹ́ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kan kí ẹnikẹ́ni tó fèsì. A yá 0.8 nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, òwe wá wà lójú fídíò fún 3.8, iye rẹ̀ sì wálẹ̀ sí nǹkan bí 16.

Ohun méjì yìí ni gbogbo iṣẹ́ ìgékúrú: ẹ gé ọ̀rọ̀ tí àwòrán ti sọ fún òǹwòran, kẹ́ ẹ sì yá àkókò nínú ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà. Ẹ má yá a nínú èyí tó ṣáájú rẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá yọ kí òṣèré tó la ẹnu, àṣírí eré ti tú, pàápàá tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín. Bí ẹlòmíràn bá sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ẹni àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kúrò.

Ẹ tún wo ibi tí a ti gé ìlà. Ìlà àkọ́kọ́ òwe náà parí níbi tí ọ̀rọ̀ ọmọdé parí, ti àgbà sì bẹ̀rẹ̀ lórí ìlà kejì. Èyí mú kó rọ ojú lọ́rùn ju kí ẹ fi "an" sílẹ̀ ní òpin ìlà kan, kí "elder" bọ́ sí ìkejì.

Ohun tí Yorùbá ní tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní

Ẹni tó bá túmọ̀ "Ìyàwó mi, ọkọ ẹ dà?" ní tààràtà máa mú kí ìyá ọkọ pe obìnrin náà ní ìyàwó òun, kó sì tún béèrè ọkọ rẹ̀ nínú gbólóhùn kan náà. Ọmọ Yorùbá mọ̀ pé ìyàwó ilé ni ìyàwó gbogbo ẹbí. Ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ á rò pé eré náà ti dojú rú. Bákan náà ni nígbà tí ìyàwó bá ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ ní "ọkọ mi". Nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí, ẹ túmọ̀ ìbátan tó wà láàárín àwọn méjèèjì, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n ń pera wọn. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ `My dear`.

"Ó" wa kì í sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, bẹ́ẹ̀ ni "ẹ̀gbọ́n" àti "àbúrò" kì í sọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì á fi dandan lé e kẹ́ ẹ yan ọ̀kan. Nínú eré alápá púpọ̀, wọ́n lè máa sọ nípa ẹ̀gbọ́n kan ní apá kìíní kí ẹnikẹ́ni tó rí i ní apá kẹta. Kẹ́ ẹ tó túmọ̀ apá kìíní, ẹ bi ẹni tó kọ eré náà léèrè. Àìmọye ìgbà ni ẹ̀gbọ́n ti jẹ́ ọkùnrin lónìí tó sì di obìnrin lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nítorí pé kò sẹ́ni tó béèrè. Ó dára kẹ́ ẹ ní ìwé kan tí gbogbo orúkọ, ìbátan àti oyè tó wà nínú eré yín wà, pẹ̀lú bí ẹ ṣe pinnu láti máa kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹni tó bá ṣe apá kẹwàá lè bá ẹni tó ṣe apá kìíní mu.

Ìkíni náà ní tirẹ̀. "Ẹ kú ilé" kò ní ojúgbà ní Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ẹni tó wọlé máa sọ nínú Gẹ̀ẹ́sì la fi rọ́pò rẹ̀. "Pẹ̀lẹ́" ni èyí tó ṣòro jù. Tí ẹnì kan bá fẹsẹ̀ kọ, tí ẹlòmíràn ní "pẹ̀lẹ́", tí ẹ sì túmọ̀ rẹ̀ sí `Sorry`, àwọn kan á rò pé ẹni tó sọ̀rọ̀ ló gbé òkúta sọ́nà. `Are you okay?` sún mọ́ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Ní ti oríkì, ẹ má gbìyànjú láti túmọ̀ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń ki ni kì í sinmi, orúkọ ìlú àti ti baba ńlá ló sì kún inú rẹ̀. Ẹ yan gbólóhùn tó gbé ọ̀rọ̀ náà ró, ẹ fi í sójú fídíò fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin sí márùn-ún, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ohùn ṣe ìyókù. Àwa gbà pé ìlà mẹ́ta tó yé òǹwòran sàn ju ogún tó sá kọjá lójú rẹ̀. Orúkọ èèyàn àti oúnjẹ, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Bí òṣèré bá sì da Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ Yorùbá, ẹ má fo apá Gẹ̀ẹ́sì yẹn. Òǹwòran tó ti ń kà á bọ̀ á rò pé ọ̀rọ̀ ti jábọ́.

Gbígbé e sórí YouTube

Nígbà tí ẹ bá ń gbé fídíò sókè, lábẹ́ `Show more`, ẹ máa rí `Video language`. Ẹ yan Yorùbá. Bí ẹ bá fi Gẹ̀ẹ́sì síbẹ̀, ẹ̀rọ náà á gbà pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, á sì máa wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ohùn Yorùbá. Ohun tó máa kọ jáde kò ní ní orí kò ní ní ìdí, àmọ́ òun ni òǹwòran máa bá nígbà tó bá tẹ CC, bọ́tìnì tó ń tan ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀. Ẹ máa dá a mọ̀ nípa `auto-generated` tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ èdè náà. Tí ẹ bá bá irú rẹ̀ lórí fídíò tó ti pẹ́, ẹ pa á rẹ́, kẹ́ ẹ sì tún èdè fídíò náà yàn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sí YouTube Studio, ẹ tẹ `Subtitles` tó wà lápá òsì. Lọ́dọ̀ àwọn mìíràn, `Languages` ni wọ́n máa rí níbẹ̀. Ẹ yan fídíò, ẹ tẹ `Add language`, ẹ yan Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ tẹ `Add`, lẹ́yìn náà `Upload file`. Ó máa bi yín bóyá `With timing` tàbí `Without timing`. `With timing` ni tiyín. Èkejì yẹn wà fún ẹni tó ní ọ̀rọ̀ lásán láìsí àkókò, tó fẹ́ kí ẹ̀rọ fi etí gbọ́ fídíò kó sì to ọ̀rọ̀ náà mọ́ ohùn. Kò lè ṣe é tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ohùn jẹ́ Yorùbá, nítorí pé kò sí ibi tí méjèèjì ti pàdé. Ẹ tún ṣe bákan náà fún fáìlì Yorùbá, kẹ́ ẹ tẹ `Publish`.

Ní ojú ewé kan náà, àyè wà fún àkọlé àti àlàyé fídíò ní èdè kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fò ó. Ẹni tó fi YouTube tirẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì máa rí àkọlé Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó fi sí Faransé á rí ti Faransé tí ẹ bá kọ ọ́ síbẹ̀. Àkọlé yìí ni òǹwòran kọ́kọ́ ń rí, kò sì sí bó ṣe máa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ wà nínú fídíò tí kò lè ka orúkọ rẹ̀.

Ohun kan ṣì wà tó ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu: ẹ ti gbé fáìlì sókè, síbẹ̀ àwọn èèyàn ń sọ pé àwọn kò rí nǹkan kan. Ọwọ́ òǹwòran ni títan rẹ̀ wà. Ẹ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì sí ìlà àkọ́kọ́ àlàyé fídíò pé kí wọ́n tẹ CC. Bí ẹ bá gbé fídíò náà sínú ojúlé yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè fi `cc_load_policy=1` kún ìlà àdírẹ́sì rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ á sì tàn fúnra rẹ̀ níbẹ̀.

Facebook náà gba SRT, àmọ́ ó fẹ́ kí èdè wà nínú orúkọ fáìlì. `ere.srt` kò ní wọlé. `ere.en_US.srt` ló máa gbà.

Nígbà tí nǹkan bá ṣì

Àìsàn méjì ló wọ́pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní àmì tí a fi ń dá a mọ̀.

Àkọ́kọ́ ni kí lẹ́tà wa dàrú. Tí ẹ bá rí `áº¹` níbi tó yẹ kí "ẹ" wà, tàbí `á¹£` níbi tó yẹ kí "ṣ" wà, fáìlì náà kò bàjẹ́. Ìlànà tí ohun tó ṣí i fi ń kà á ni kò bá a mu. Ẹ fi Notepad ṣí i, ẹ tẹ `Save as`, ẹ yan `UTF-8 with BOM` níbi `Encoding`. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé `?` lẹ rí níbi tí lẹ́tà wa wà, ó ti bàjẹ́ tán nìyẹn. Ẹnì kan ti fi ìlànà tí kò mọ "ẹ" tọ́jú rẹ̀, lẹ́tà náà ti lọ, ẹ̀dà àtijọ́ nìkan ló lè gbà yín.

Èkejì ni kí ọ̀rọ̀ àti ohùn má bára wọn rìn. Ẹ wo ibi mẹ́ta nínú fídíò: ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin. Bí ọ̀rọ̀ bá ń ṣáájú ohùn ní ìwọ̀n kan náà ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a jẹ́ pé ẹ fi nǹkan kún iwájú fídíò lẹ́yìn tí ẹ ti wọn àkókò, bóyá àmì ìkànnì yín. `Adjust all times` nínú Subtitle Edit á tì í síwájú lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá dára títí dé ibì kan, tó wá ṣàdédé yẹ̀ láti ibẹ̀ lọ, ẹ ti gé nǹkan kúrò níbẹ̀. Láti ibẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ ti tì í. Bí ó bá sì ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, eré tí àwòrán fi ń sá ti yí padà. Fídíò wákàtí kan tó yẹ kó máa fi àwòrán 25 hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó wá ń fi 24 hàn, á gba ìṣẹ́jú 62 ààbọ̀ kó tó parí. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó parí, ọ̀rọ̀ ti fi ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ ṣáájú ohùn. `Change frame rate` ló ń wo irú èyí sàn. Títì kò lè ràn án lọ́wọ́, torí bí ìbẹ̀rẹ̀ bá ṣe ń dọ́gba ni òpin á máa yẹ̀.

Ọ̀nà tó dára jù láti yẹra fún èkejì yìí ni pé kẹ́ ẹ má wọn àkókò kankan títí àtúntò fídíò á fi parí pátápátá.

Fún WhatsApp àti fídíò kúkúrú

Nígbà tí fídíò bá ń lọ láti orí fóònù kan sí òmíràn, fáìlì kì í bá a lọ. Ibẹ̀ ni kí ọ̀rọ̀ lẹ̀ mọ́ àwòrán ti wúlò. Ẹ gé apá tí ẹ fẹ́, ẹ gé fáìlì rẹ̀ náà bá a mu, kẹ́ ẹ wá lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ẹni tó ní ètò `ffmpeg` lórí kọ̀ǹpútà lè fi ìlà àṣẹ kan ṣe é:

```
ffmpeg -i ere.mp4 -vf "subtitles=gesi.srt:force_style='FontName=Noto Sans,FontSize=20'" -c:a copy ere_gesi.mp4
```

A yan fọ́ńtì Noto Sans torí pé ó mọ lẹ́tà wa. "Ẹ́" àti "ọ́" kì í ṣe àmì kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà: lẹ́tà tó ní ojú nísàlẹ̀ wà lọ́tọ̀, àmì ohùn sì wà lọ́tọ̀, fọ́ńtì ló máa gbé ọ̀kan lé èkejì. Fọ́ńtì ọlọ́ṣọ̀ọ́ tí kò mọ̀ ọ́n ṣe á gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó fi àpótí ṣófo rọ́pò rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó lo fọ́ńtì tuntun, ẹ fi "ẹ́ ẹ̀ ọ́ ọ̀ ṣ ń" dán an wò. Nínú fídíò tó dúró lóròó, ẹ gbé ọ̀rọ̀ sókè díẹ̀ kúrò nísàlẹ̀ pátápátá, nítorí orúkọ ìkànnì àti àlàyé máa ń bo ibẹ̀. `MarginV=60` nínú ìlà òkè yẹn, lẹ́yìn `FontSize=20`, lè tó. Ẹ wò ó lórí fóònù kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́.

Faransé, Potogí àti Sípéènì

Yorùbá kò pin sí Nàìjíríà. Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́ tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin, Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ nílé ìwé. Ní Bàhíà ní ilẹ̀ Brazil àti ní Kúbà, àwọn tó ń bọ òrìṣà ń fi ọ̀rọ̀ Yorùbá kọrin títí dòní, Potogí àti Sípéènì sì ni èdè ojoojúmọ́ wọn. Òǹwòran tó bá tẹ `Auto-translate` lórí YouTube lè rí ìtumọ̀ ẹ̀rọ láti inú fáìlì Gẹ̀ẹ́sì yín. Fún fídíò ìròyìn tàbí ẹ̀kọ́ oúnjẹ sísè, ó lè tó wọn lò.

Fún eré, kò tó. Ẹ padà wo "ọkọ ẹ dà?" Ìyá ọkọ kò fi ọ̀wọ̀ bá ìyàwó ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ju òun lọ, ìyàwó náà á sì fi "ẹ" dá a lóhùn. Faransé ní irú ìyàtọ̀ yìí gẹ́lẹ́, ọ̀rọ̀ kan fún àgbà, ọ̀rọ̀ kan fún ọmọdé. Gẹ̀ẹ́sì kò ní in. Bí ìtumọ̀ bá gba inú Gẹ̀ẹ́sì kọjá, ọ̀wọ̀ ti jábọ́ sọ́nà kó tó dé Faransé, ìyàwó á sì máa bá ìyá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ fún ẹni tó bá ń túmọ̀ sí Faransé ní fáìlì Yorùbá pẹ̀lú ti Gẹ̀ẹ́sì. Tí kò bá gbọ́ Yorùbá rárá, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan fún un, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tó jù nínú àwọn méjèèjì.

Kẹ́ ẹ tó tẹ `Publish`, ẹ wá ẹnì kan tí kò gbọ́ Yorùbá. Ẹ pa ohùn fídíò náà, ẹ jẹ́ kó wo ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ nìkan, kẹ́ ẹ ní kó sọ ìtàn náà fún yín. Ẹ má ràn án lọ́wọ́. Ibi tó bá ti ní òun kò rántí ni ọ̀rọ̀ ti sáré jù. Ibi tó bá ti pe ìyá ọkọ ní ìyá ìyàwó ni ìtumọ̀ ti ṣì.